Àpọ́n Lápá Òsì, Tọkọtaya Lápá Ọ̀tún

Iṣẹ́ òòlù ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Mérì, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, ń fi nọ́ńbà sára àwọn ilé àdúgbò tuntun ní Kétu, wọ́n sì ń wá àwọn tó máa gun àkàsọ̀, tó máa kan plákì nọ́ńbà mọ́ ògiri. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Inú mi dùn, torí pé ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní ni ti ìbí mi, ìyẹn náà, eku ti jẹ igun kan níbẹ̀. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ká sọ òótọ́, ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀. Mo jókòó sí kíláàsì kan náà títí àwọn àbúrò àwọn ọ̀rẹ́ mi fi bá mi níbẹ̀, tí wọ́n kọjá lára mi, tí wọ́n ń juwọ́ sí mi bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ṣe ń juwọ́ sí ewúrẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Olùkọ́ ìṣirò wa sọ pé nínú gbogbo ohun tí òun kọ́ mi, bí a ṣe ń pín nǹkan sí méjì nìkan ló wọ orí mi. Kò parọ́.

Bàbá mi ní kí n padà wá sí oko ní Idigny, pé ẹ̀gẹ́ ò ní béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Mo ní rárá, èmi, èèyàn ìgboro ni mí. Èèyàn ìgboro tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ, tí abẹ́rẹ́ ń gún un nídìí láàárọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, kó wa lọ síbi tí ọ̀nà tuntun kan ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà. Ó ní ká kẹ́yìn sí mérì. Gbogbo wọn kẹ́yìn sí i. Èmi kọjú sí i, torí pé obìnrin kan ń din àkàrà lọ́ọ̀ọ́kán, ọkàn mi sì wà níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù di èjìká mi mú, ó yí mi padà bí ẹni ń yí àga. Ó ní báyìí, ọwọ́ òsì yín ni 1, 3, 5, 7 máa gbà lọ. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni 2, 4, 6, 8 máa gbà. Ibi tó sún mọ́ mérì ni nọ́ńbà ti kéré, bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i ló ń pọ̀ sí i.

Orúkọ Faransé ló fi ń pe oríṣi nọ́ńbà méjèèjì, ṣùgbọ́n àwa òṣìṣẹ́ ní orúkọ tiwa. Àwọn 2, 4, 6 yẹn, a pè wọ́n ní tọkọtaya, torí tó o bá tò wọ́n ní méjì-méjì, kò sẹ́ni tó máa dá dúró. Àwọn 1, 3, 5, a pè wọ́n ní àpọ́n. Ẹnì kan ṣáà máa ṣẹ́ kù láìní ẹnìkejì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní èmi ni kí n máa kan ti apá òsì, kí n lè wà láàárín àwọn èèyàn mi.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ṣẹ́ẹ̀fù ìdí tí a ò fi lè ka apá kan dé ìparí, ká wá ṣẹ́rí padà ní apá kejì. Bẹ́ẹ̀ là á ṣe ka òkìtì ebè, àbí? Ó wò mí, ó rí i pé ọ̀lẹ ló ń bá mi wá àwíjàre, pé mi ò fẹ́ máa gbé àkàsọ̀ sọdá. Ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn. Ó ní ọ̀nà yìí ò tíì parí. Inú oko ló ń wọ̀ lọ, lọ́dọọdún ni wọ́n á máa kọ́lé kún un. Tá a bá ka apá kan dé 40, tá a wá bẹ̀rẹ̀ 41 lódìkejì, tá a ń bọ̀ wá sílé, ilé tí wọ́n bá kọ́ sẹ́yìn 40 lọ́dún tó ń bọ̀, kí la fẹ́ kàn mọ́ ọn? 41 ti lólúwa. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní nọ́ńbà tirẹ̀, kálukú á máa gùn lọ láìdí ẹnìkejì lọ́wọ́. Àlejò tó bá sì gbọ́ nọ́ńbà ilé kan ti mọ ẹgbẹ́ tó máa wò kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Tá a bá rí ilẹ̀ òfìfo, a ó fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún un, ká fò ó, kí olówó rẹ̀ wá bá a nígbà tó bá kọ́lé. Ó ní ká má sì retí pé 20 á kọjú sí 21 gẹ́lẹ́. Ilé kan lè fẹ̀, òmíràn á rí tínńrín. Tí wọ́n bá ṣáà ti wà nítòsí ara wọn, ó ti tó.

Èyí wọ orí mi. Lẹ́yìn pípín nǹkan sí méjì, òun ni ìṣirò àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀ tí kò tún jáde.

Ọ̀nà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, apá ọ̀tún, ó jìnnà sínú. Èmi fúnra mi ni mo kan plákì 46 mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà wọn. Mo tún fi aṣọ mi nù ún, mo ní kó wá wò ó. Ó ní ó ṣe wọ́. Bàbá ọkọ rẹ̀ náà nílé lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n apá òsì ni, nítòsí títì. Tiwọn ni 19. Lẹ́yìn tá a parí ibẹ̀, Ṣẹ́ẹ̀fù kó wa lọ sí àdúgbò mìíràn, mi ò sì dé ilé ẹ̀gbọ́n mi fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ìdí kan. Tí mo bá lọ, wọ́n á béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Mi ò ní èsì.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ṣú, a ò ṣiṣẹ́. Ebi ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìfẹ́. Òjò bá mi lójú ọ̀nà, mo fi àpò símẹ́ǹtì borí, mo sá wọlé bí adìyẹ. Mi ò wo òpó, mi ò wo nǹkan kan. Mo ń pariwo láti ìta pé kó bá mi bu oúnjẹ.

Ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá. Oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀, ó wà lórí símẹ́ǹtì, ó ń tẹ̀ lé ìlà ilẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, má pariwo." Ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti tẹ̀ ba kí n tó gbọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti lọ ra àgbàdo ní Adakplamè. Mo pè é, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Mo fẹ́ sáré lọ wá ọ̀kadà, mo kọ́kọ́ pe ìyá agbẹ̀bí tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù. Ìyá náà ní kí n má dán an wò. Ó ní kó má jókòó, kó má dìde, kí n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, tí mo bá gbé e sórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà gbágungbàgun yẹn, ẹ̀jẹ̀ á tán lára rẹ̀ kó tó dé. Òun á rán àǹbúláǹsì wá. Níbo ni ilé wà?

Ojú mi mọ́lẹ̀. Ìbéèrè kan rèé nínú ayé tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni tó ń ka orúkọ ara rẹ̀ nínú àwọn tó yege. Mo ní lójú ọ̀nà tuntun, kó kẹ́yìn sí mérì, nọ́ńbà 46, ọwọ́ ọ̀tún. Bóyá ó gbọ́ ọwọ́ ọ̀tún yẹn, bóyá òjò ló gbé e lọ, mi ò mọ̀. 46 ló dé ọ̀dọ̀ awakọ̀.

Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi sórí ìrọ̀rí. Mo tún kó aṣọ ọkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyẹn aṣọ Jímọ́ọ̀, kí n mú òmíràn. Mi ò mú òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kó má baà sùn: pé abẹ́rẹ́ ọ̀rẹ́ mi ti sọ ìdí mi di ajere. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in.

Fóònù dún. Awakọ̀ ni. Fọ̀ngbè, èdè àwọn Fọ̀n, ló ń sọ, ó ń da Faransé pọ̀ mọ́ ọn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Kétu ni, kò mọ ìlú. Ó ní òun ti dé 46, òun ò rí ẹnì kankan níta. Mo ní mò ń bọ̀. Mo sáré jáde sínú òjò, mo dúró ti òpó, mo kẹ́yìn sí i, mo ń wo ojú ọ̀nà. Kò sí ọkọ̀. Mo ní, "Mo wà níta." Ó ní, "Èmi náà wà níta." Mo ní kó fun fèrè. Ó ní òun ń fun ún. Mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi òjò lórí páànù. Àwa méjèèjì wà níwájú ilé kan ṣoṣo, a ò rí ara wa. Mo tiẹ̀ rò pé bóyá mo ti kú ni. Fóònù sì gé.

Mo padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ojú. Mo gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó là á, ó sọ orúkọ ìyá wa. Mo pe awakọ̀, kò wọlé. Mo pè é, kò wọlé. Mo di fóònù mú sókè bí ẹni tó fẹ́ fi já ọsàn, mo ń rìn káàkiri nínú yàrá, mo ń tẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀.

Òun ló pè mí padà. Inú ti ń bí i. Ó ní òun kanlẹ̀kùn ibẹ̀, bàbá arúgbó kan jáde, ó fi ọwọ́ júwe fún òun pé kò sí aboyún nínú ilé òun, ewúrẹ́ nìkan ló wà. Ó ní gbogbo ìgbà làwọn ọmọ kan máa ń fi fóònù tan àwọn jẹ.

"Nọ̀ví," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ìyá lédè wọn, "mo ti yí ọkọ̀ padà. Mò ń lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ."

"46 ni mo dé. Mo fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó."

Mo fẹ́ bú u. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ìbéèrè tí ẹni tí orí rẹ̀ pé ò ní béèrè lásìkò ikú.

"Nígbà tẹ́ ẹ ń ti títì bọ̀, ọwọ́ wo lẹ ti rí i?"

Ó ní, "Òsì."

"46 ò lè wà lósì."

"Òsì ló wà."

"Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Ó ní òun rí 17 kóun tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, 21.

Tọkọtaya kan láàárín àwọn àpọ́n. Ara mi bù máṣọ. Mo sáré jáde, mo yíjú wo òpó tí mo ti kẹ́yìn sí lẹ́ẹ̀kan. 19 ló wà níbẹ̀, wọ́n kàn án mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó tó wọ́ ju tèmi lọ. Ẹnì kan ti pààrọ̀ plákì bàbá pẹ̀lú ti ọmọ. Arúgbó tí awakọ̀ bá sọ̀rọ̀, bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Fọ̀n, òótọ́ ni pé ewúrẹ́ nìkan ló wà nílé rẹ̀. Aya ọmọ rẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ níwájú lọ́hùn-ún.

Mo kígbe sí awakọ̀ nínú fóònù pé wọ́n ti pààrọ̀ plákì, pé kó padà, kó máa bọ̀, kó má fi ọkàn sí nọ́ńbà tó bá rí lára ilé wa. Ó ní báwo ni òun ṣe máa wá ilé tí òun ò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà rẹ̀? Ó tún ní òun ti yà sí ọ̀nà kékeré kan láti yí ọkọ̀, òun ti jáde padà, òun ò mọ ibi tí òun kọjú sí mọ́. Òjò ti bo gbogbo nǹkan, ògiri nìkan lòun ń rí.

"Kí lẹ rí lára ògiri?"

"27."

"Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún."

Tó bá jẹ́ pé àpọ́n wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, á jẹ́ pé mérì ló kọjú sí. Ó ń lọ sílé. Mo dúró sínú òjò, mo di ojú, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo yí ara mi padà bí Ṣẹ́ẹ̀fù ṣe yí mi lọ́jọ́ yẹn, kó má lọ jẹ́ pé èmi gan-an ló dàrú.

"Ẹ ti ń padà sí títì. Ẹ yí ọkọ̀ títí 27 á fi bọ́ sí ọwọ́ òsì yín. Ẹ máa wá bọ̀. Tí nọ́ńbà bá ń pọ̀ sí i, ẹ wà lọ́nà. Tó bá ń dín kù, ẹ dúró."

Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mo gbọ́ ẹrẹ̀ tó ń ta lábẹ́ táyà. Ó ń ka nọ́ńbà fún mi bí ọmọ iléèwé. 29, òsì. 31. Ilé kan tí kò ní nǹkan kan. 35. Mo ní ó tó, kó fi òsì sílẹ̀, ọ̀tún nìkan ni kó máa wò báyìí. Ó ní 38. Ó ní 40. Lẹ́yìn náà, ó ní kò sí ilé mọ́, oko àgbàdo ni. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó fẹ́ yí padà. Mo kígbe pé ilẹ̀ òfìfo ni, 42 ló wà níbẹ̀, wọn ò tíì kọ́ ọ, kó kọjá rẹ̀. Èmi ni mo fò ó. Èmi ni mo gbé àkàsọ̀ kọjá níwájú àgbàdo yẹn.

"44," ó ní.

"Ilé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ 19 sí i. Irọ́ ni. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró."

Iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lára òjò. Mo ń ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí oyin ń lé.

Mi ò rántí bá a ṣe gbé e dáadáa. Mo rántí pé awakọ̀ náà kéré ní ara, ó sì lágbára jù mí lọ, pé èmi tí mo di ẹsẹ̀ mú ni mo ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi kò wúwo tó bó ṣe yẹ kí èèyàn méjì wúwo. Nínú ọkọ̀, mò ń sọ̀rọ̀ sí i létí, kò dá mi lóhùn mọ́. Nígbà tá a kọjá ilé bàbá ọkọ rẹ̀, mo rí arúgbó náà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọrùn, ó ń wò wá. Mo ṣí fèrèsé, mo pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀ fún un, mo ní aya rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ yìí.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé e gba ilẹ̀kùn kan wọlé, wọ́n tì í mọ́ mi lójú. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ara mi kún fún ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Kò pẹ́, bàbá náà dé lórí ọ̀kadà, agbádá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ. Mo dọ̀bálẹ̀, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn kí n tún rí ojú rẹ̀. Ó béèrè ohun tó fà á tí ọkọ̀ fi wá sọ́dọ̀ òun. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Ṣé ó bójú mu, kí ọmọ mi jẹ́ 46, kí èmi tí mo bí i jẹ́ 19?"

"Bàbá, kì í ṣe ọjọ́ orí."

"Àwọn èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ń kí mi ní àbúrò."

Ó ti ní kí ọmọ náà kan 19 mọ́ ilé tirẹ̀, kí òun mú 46. Ọmọ rere ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn rí, ó mú òòlù. Mo fẹ́ bínú. Ìbínú náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú bàbá náà kò kúrò lára ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi gbà.

Ó ní, "Tí kì í bá ṣe ọjọ́ orí, kí wá ni?"

Kò sí ohun tí a lè ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Mo ti ìka bọ inú omi tó ń kán láti ara mi, mo fi fa ìlà méjì sórí símẹ́ǹtì. Mo fi àmì kan sí ìkángun wọn, mo ní mérì nìyí. Mo to àwọn àpọ́n sí apá kan, mo to àwọn tọkọtaya sí apá kejì. Bàbá tẹ̀ ba. Ó béèrè pé nínú wọn, ta wá ni àgbà. Mo ní kò sí àgbà níbẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, ó kàn sún mọ́ mérì ni. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀, ó jìnnà sí i. Ó ní ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Mo ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ó tún ìka tirẹ̀ bọ omi, ó fi kan ibi tí 19 wà, ó fi kan ibi tí 46 wà, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín méjèèjì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá agbẹ̀bí jáde, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Ó wo ojú wa méjèèjì, kò mọ ẹni tí òun máa bá sọ̀rọ̀, ó wá bá ògiri sọ ọ́. Ó ní ìyá ń mí. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó ní ọmọ náà kéré, obìnrin ni, ó ti sunkún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti fi aṣọ gbígbóná wé e, ká má tíì yọ̀. Ó ní tó bá pẹ́ sí i díẹ̀ ni, kò ní jáde wá bá wa pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó padà wọlé.

Bàbá dìde, ó rìn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n mú òòlù wá lọ́la. Mo ní màá wá. Mo jáde síta, mo lọ sẹ́yìn àǹbúláǹsì, mo bì títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ nínú mi, mi ò sì tíì jẹun látàárọ̀. Awakọ̀ náà ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú garawa. Ó wò mí, ó bu omi díẹ̀ sínú ife, ó nà án sí mi, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.